Ibi Tí Dátà Ń Gbà Lọ Tí A Bá Tan Họ́tísípọ́tì

Ẹni tó ra dátà gígábáìtì 10, tó sì ń fi fóònù rẹ̀ nìkan lò ó, tó ń ka ìròyìn, tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tó ń wo fídíò kéékèèké lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lè lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì kó má tán. Ẹni yìí kan náà á wá so láptọ́ọ̀pù mọ́ fóònù rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ ti dé pé dátà rẹ̀ ti ń lọ sópin. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé wọ́n ti rẹ́ni jẹ. Mo ti gbọ́ ẹ̀sùn yìí lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu aránṣọ tó ń wo ara aṣọ lórí YouTube. N kò sọ pé iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, dátà náà kò sọnù rárá. Láptọ́ọ̀pù ló lò ó, orí síìmù wa ni gbèsè rẹ̀ sì bọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá ń dun àpò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà gbà kí àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi owó kún owó wọn, kí àfikún náà má sáà ti ju ìdá 50 nínú 100 lọ. Dátà tó ń ṣòfò lẹ́yìn ẹni nísinsìnyí, owó gidi ni.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ gan-an tí a bá tan họ́tísípọ́tì? Rédíò méjì ló wà nínú fóònù tó kàn wá níbí. Ọ̀kan ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀, òun ló ń lo síìmù wa. Èkejì ni ti Wáífáì. Ní ọjọ́ gbogbo, Wáífáì ẹlòmíràn ni rédíò kejì yìí máa ń wá wọ̀. Tí a bá ti tan họ́tísípọ́tì, òun fúnra rẹ̀ á di orísun Wáífáì tí àwọn yòókù ń wọ̀. Fóònù wá di alágbàtà láàárín òpó àti láptọ́ọ̀pù: ó ń gbà níhìn-ín, ó ń fi fún tọ̀hún, ó sì ń gba ti tọ̀hún padà wá. Gbogbo ohun tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá ni wọ́n ń kà, èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Fọ́tò tí láptọ́ọ̀pù fi ránṣẹ́ ń jẹ dátà gẹ́gẹ́ bí fídíò tí a wò ṣe ń jẹ ẹ́.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé láptọ́ọ̀pù kì í rí òpó, Wáífáì nìkan ló ń rí. Wáífáì tí àwọn tó ṣe é sì ní lọ́kàn ni ti ilé àti ti ọ́fíìsì, èyí tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù tí kò sẹ́ni tó ń ka ìwọ̀n tí wọ́n lò. Bí láptọ́ọ̀pù bá ti rí Wáífáì báyìí, ó gbà pé ọ̀nà ti là. Àwọn iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ á bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Windows á máa gba àtúnṣe tuntun wọlé, OneDrive tàbí Google Drive á máa kó fáìlì lọ síbi ìpamọ́, àwọn ètò mìíràn á máa gba ẹ̀dà tuntun ti ara wọn. Kò sí èyí tó ń tọrọ àyè nínú wọn. Ti fóònù sí fóònù sàn díẹ̀. Fóònù Android tó bá so mọ́ họ́tísípọ́tì Android mìíràn sábà máa ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé dátà tí wọ́n ń kà ni èyí, iPhone náà sì máa ń dá họ́tísípọ́tì iPhone ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀, wọ́n á sì dín ọwọ́ kù. Láptọ́ọ̀pù Windows ni kì í sábà mọ̀, àfi tí a bá sọ fún un.

Ẹ jẹ́ ká fi alẹ́ ọjọ́ kan ṣe ìṣirò. Ká ní ní ilé kan ní Ìbàdàn, àbúrò ní, “Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tan họ́tísípọ́tì, mo kàn fẹ́ fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ ni.” Ẹ̀gbọ́n tan án, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Fọ́ọ̀mù náà àti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ní kó so mọ́ ọn kò ju mẹ́gábáìtì 10 lọ, irọ́ kọ́ ni ọmọ náà pa. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti rí ìntánẹ́ẹ̀tì kẹ́yìn. Àtúnṣe Windows ti oṣù yẹn wà nílẹ̀ tó ń dúró, ká ní gígábáìtì 1 ni. Fọ́tò ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó tó 300 wà nínú fódà tí OneDrive ń bá a pamọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ mẹ́gábáìtì 4. Tí a bá fi 4 lọ́nà 300, mẹ́gábáìtì 1,200 ni, ìyẹn gígábáìtì 1.2, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Nígbà tó parí fọ́ọ̀mù, ó wo fíìmù Yorùbá kan fún wákàtí méjì lórí YouTube. Ibí yìí ni ìṣirò kékeré kan ti wúlò púpọ̀, tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́wọ́. Mẹ́gábíìtì ni wọ́n fi ń wọn iyàrá ìntánẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, òun ni a ń rí lójú fóònù gẹ́gẹ́ bí Mbps. Mẹ́gábáìtì ni wọ́n fi ń wọn dátà tí a rà. Bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan. Wákàtí kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 3,600, nítorí náà fídíò tó ń gba mẹ́gábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á gba 3,600 ní wákàtí kan. Ẹ fi 8 pín in, ó di mẹ́gábáìtì 450. Lójú láptọ́ọ̀pù tó fẹ̀, tí YouTube sì gbé àwòrán lọ sí 1080p, ká ní fídíò náà ń gba mẹ́gábíìtì 4. Ẹ fi 4 lọ́nà 450, ó di 1,800 ní wákàtí kan, 3,600 ní wákàtí méjì. Gígábáìtì 3.6 nìyẹn.

Ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: fọ́ọ̀mù, àtúnṣe Windows, fọ́tò, fíìmù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì 6. Nínú gígábáìtì 10 tí ẹ̀gbọ́n rà, díẹ̀ ló fi lé ní 4 tó kù. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n torí rẹ̀ tan họ́tísípọ́tì kò sì tó ìdá kan nínú 500 ohun tí wọ́n lò. Ká ní ojú fóònù ni ọmọ yẹn ti wo fíìmù náà, tí àwòrán wà ní 480p, tó ń gba nǹkan bí mẹ́gábíìtì 1, kò bá má tó gígábáìtì 1 fún wákàtí méjèèjì. Àwọn Netflix fúnra wọn sọ irú ìyàtọ̀ yìí fún àwọn oníbàárà wọn: àwòrán lásán lè gba tó gígábáìtì 1 ní wákàtí kan, èyí tó mọ́lẹ̀ kedere lè gba tó 3.

Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ ẹ́? Ẹ kọ́kọ́ wo inú fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, tí ẹ bá wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣírò dátà nínú Settings, ẹ ó rí orúkọ àwọn ètò pẹ̀lú iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ, ẹ ó sì rí ìlà kan láàárín wọn tí wọ́n kọ Hotspot & tethering tàbí ohun tó jọ ọ́ sí. Lórí iPhone, ẹ wọ Settings, kí ẹ wọ Cellular tàbí Mobile Data, ẹ ó rí Personal Hotspot níbẹ̀ pẹ̀lú iye tirẹ̀. Tí iye yìí bá pọ̀, ọ̀dọ̀ láptọ́ọ̀pù ni ká lọ. Nínú Windows 11, ojú ọ̀nà rẹ̀ nìyí:

```
Settings > Network & internet > Advanced network settings > Data usage
```

Ibẹ̀ ni wọ́n to gbogbo ètò sí pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jẹ. Tí ẹ bá rí System tàbí OneDrive lókè pátápátá, tí Chrome tí ẹ jókòó tì látàárọ̀ sì wà nísàlẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ ti yé nìyẹn.

Ohun tó ń dá a dúró kò le. Ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ họ́tísípọ́tì, kí ẹ wọ Settings, Network & internet, Wi-Fi, kí ẹ wá tẹ ibi tí wọ́n kọ properties sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ họ́tísípọ́tì yín. Ẹ máa rí Metered connection, ẹ tan án. Ohun tí ẹ fi èyí sọ fún láptọ́ọ̀pù ni pé dátà tí wọ́n ń kà ni èyí. Windows á dá ọ̀pọ̀ àtúnṣe rẹ̀ dúró, OneDrive á sì dẹ́kun kíkó fáìlì lọ. Lórí kọ̀ǹpútà Mac, Low Data Mode ni wọ́n pe irú rẹ̀, nínú Details ti Wáífáì náà.

Ṣùgbọ́n ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò kan ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣí nínú Chrome. YouTube á máa gbé 1080p rẹ̀ lọ bó ṣe fẹ́, àfi kí ẹ tẹ àmì Settings tó wà lára fídíò náà, kí ẹ sọ àwòrán kalẹ̀ sí 480p fúnra yín. Àtúnṣe tó bá jẹ́ kánjúkánjú sì tún lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí ni pé orúkọ họ́tísípọ́tì ni Windows fi ń rántí àṣẹ yìí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yí orúkọ náà padà, tàbí tí ẹ lo fóònù ẹlòmíràn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun ni lójú rẹ̀, ẹ ní láti tún un tan. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi orúkọ kan náà sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ já àwọn tó ti mọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín dànù, ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ni kí ẹ yí padà.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí dátà, ká bọ́ sórí iyàrá. Tí ìntánẹ́ẹ̀tì bá ń wọ́ lórí láptọ́ọ̀pù, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ṣe pàtàkì: ṣé láàárín òpó àti fóònù ni ìdíwọ́ wà ni, àbí láàárín fóònù àti láptọ́ọ̀pù? Ẹ ṣí fast.com lórí fóònù fúnra rẹ̀, kí láptọ́ọ̀pù má sì máa lo nǹkan kan nígbà náà. Ẹ wo iye tó gbé wá. Ẹ wá ṣí i lórí láptọ́ọ̀pù lójú ẹsẹ̀. (Ẹ má ṣe é léraléra o. Tí iyàrá bá jẹ́ mẹ́gábíìtì 20, ìdánwò ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré á jẹ mẹ́gábáìtì 25.)

Tí fóònù bá gbé 3 wá, tí láptọ́ọ̀pù náà gbé 3 wá, alágbàtà kò jẹ̀bi, ohun tó rí gbà ló ń fi fúnni. Ẹ gbé fóònù lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, bóyá lẹ́bàá fèrèsé tàbí lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ẹ sì fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ níbi tí ẹ jókòó sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe òdìkejì èyí. Wọ́n á gbé fóònù sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù nínú yàrá tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dé dáadáa. Wáífáì lè rin ìwọ̀nba yẹn láti fèrèsé dé tábìlì, òpó tó wà ní òpópónà kejì ni kò lè la ògiri méjì kọjá. Tó bá sì jẹ́ pé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló máa ń wọ́, tí aago mẹ́fà àárọ̀ sì ń dán gbinrin, èrò ló pọ̀ lórí òpó náà, kò sí ohun tí ibi tí a gbé fóònù sí lè ṣe sí i.

Tí fóònù bá gbé 18 wá, tí láptọ́ọ̀pù sì gbé 4, Wáífáì ló ń fa ẹsẹ̀. Ìgbì méjì ni họ́tísípọ́tì sábà máa ń lò, 2.4 GHz àti 5 GHz, ẹ ó sì rí wọn nínú ètò họ́tísípọ́tì Android níbi tí wọ́n ti kọ Band. 2.4 ń rìn jìnnà, ó sì ń la ògiri kọjá, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lórí rẹ̀, Wáífáì àwọn aládùúgbò àti Bulutúùtù pàápàá wà níbẹ̀. 5 yára jù ú lọ, ògiri ni kì í jẹ́ kó lọ jìnnà. Tí fóònù àti láptọ́ọ̀pù bá wà nínú yàrá kan náà, ẹ lo 5. Lórí iPhone 12 àti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, Maximize Compatibility ni ẹ máa pa kó lè lo 5. Tí orúkọ họ́tísípọ́tì yín kò bá wá hàn lórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù náà kò mọ 5, ẹ dá a padà sí 2.4.

Ìdíwọ́ kan tún wà tí kì í ṣe ti ìgbì tàbí ti òpó. Ẹni kan á pe fóònù yín, ìpàdé tí ẹ ń ṣe lórí láptọ́ọ̀pù á sì dúró gbọin. Lórí fóònù tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò ní VoLTE, tí kò lè gbé ìpè gba orí 4G, fóònù ní láti bọ́ sílẹ̀ sórí 3G tàbí 2G kó tó lè dáhùn ìpè. Lórí 3G, dátà á máa wọ́. Lórí 2G, ó sábà máa ń dúró pátápátá títí ìpè á fi parí. Fóònù onísíìmù méjì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí ìpè bá gba orí síìmù kejì wọlé. Ẹni tó bá ní ìpàdé pàtàkì, kó wo inú Settings bóyá VoLTE wà níbẹ̀, kó tan án. Bí kò bá sí, kó ní kí àwọn ará ilé fi àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp ránṣẹ́ sí òun dípò ìpè.

Ó wá ku bátìrì. Fóònù tó kàn wọ Wáífáì lásán lè fi rédíò rẹ̀ sùn díẹ̀díẹ̀ láàárín iṣẹ́. Fóònù tó jẹ́ họ́tísípọ́tì kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ó ní láti máa kéde orúkọ rẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan kí àwọn tó so mọ́ ọn má bàa sọ ọ́ nù, kó sì tún máa bá òpó sọ̀rọ̀ láìsinmi. Tí òpó bá jìnnà, rédíò síìmù ní láti pariwo kó tó gbọ́ ọ, ariwo yẹn sì ni ohun tó ń jẹ bátìrì jù. Nítorí náà, fóònù tí ẹ gbé lọ sí fèrèsé nítorí iyàrá, bátìrì rẹ̀ náà á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wò ó ní ìṣirò. Bátìrì tí wọ́n kọ 5,000 mAh sí gba agbára tó tó nǹkan bíi wáàtì 19 fún wákàtí kan. Tí họ́tísípọ́tì bá ń jẹ wáàtì 2, ojú fóònù wà ní pípa, ó lè tó wákàtí mẹ́sàn-án kó tó kú. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá burú tó sì ń jẹ wáàtì 3, díẹ̀ ló máa fi lé ní mẹ́fà. Láti mọ ti fóònù tiyín, ẹ kọ iye bátìrì tó kù sílẹ̀, ẹ pa ojú fóònù, ẹ lo họ́tísípọ́tì fún wákàtí kan gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń lò ó, kí ẹ wo iye tó lọ.

Ooru ló ń ba bátìrì jẹ́ títí lọ, ju pé iná inú rẹ̀ tán lọ. Iléeṣẹ́ Apple sọ pé kí ibi tí a ti ń lo iPhone má gbóná ju 35°C lọ, ẹ sì mọ bí ọ̀sán oṣù kẹta ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Fóònù tó ń ṣe họ́tísípọ́tì, tó tún wà lẹ́nu ṣáájì, tí oòrùn fèrèsé tún wá ń pa, ooru mẹ́ta ló dà lé e lórí. Tó bá gbóná jù, ó á dín agbára rédíò síìmù rẹ̀ kù kó lè tutù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á rẹlẹ̀, a ó sì máa bú òpó tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ yọ páàkì rẹ̀, ẹ gbé e sí òjìji, ẹ má sì fi í sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa họ́tísípọ́tì fúnra rẹ̀ tí kò bá sẹ́ni tó so mọ́ ọn, kí ẹ sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́.

Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló fẹ́ lò ó, èmi á ní kí ẹ má tan Wáífáì rárá. Ẹ fi wáyà ṣáájì so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, kí ẹ wọ ètò họ́tísípọ́tì, kí ẹ tan USB tethering. Ẹnu USB 2.0 lásán ń fún fóònù ní wáàtì 2.5, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ohun tí họ́tísípọ́tì ń jẹ, ojú ihò USB 3.0 sì ń fún un ní 4.5. Kò sí pé aládùúgbò ń dí ìgbì lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ aṣínà kò sì lè bọ́ sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Wáyà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń gbé dátà, nítorí àwọn kan wà lọ́jà tó jẹ́ ti ṣáájì nìkan. Tí ẹ bá fi í so ó, tí fóònù ń gba iná ṣùgbọ́n tí USB tethering kò ṣeé tẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irú wáyà bẹ́ẹ̀ ni. Bátìrì láptọ́ọ̀pù ló sì ń sanwó iná náà, nítorí náà lọ́jọ́ tí kò bá sí iná, páwà báǹkì ló yẹ kó máa bọ́ fóònù. Ẹ sì rántí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wáyà ni Windows ka USB tethering sí, abẹ́ Ethernet ló máa tò ó sí, kò sì ní rántí Metered connection tí ẹ tan fún Wáífáì. Ẹ wọ Ethernet nínú Network & internet, kí ẹ tan án níbẹ̀ náà kí OneDrive tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.